O Kú Ọdún, Àyànfẹ́ Mi

Àyànfẹ́ mi,

O kú ọdún o, o kú ìyèdún. Kérésìmesì yìí á san wá, ọdún tuntun á sì bá wa láyọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ òru lo ṣì wà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè ọ́. Bí o bá délé, bọ́ bàtà, fẹ̀yìn tì, kí o tó kà á.

Bí mo ṣe jí ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ láago márùn-ún. Ó ti rẹ̀ ọ́, mo mọ̀ ọ́n lára bí o ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ìyá àgbà tó ní kí o bá òun ya irun kí àwọn ọmọ òun tó dé lo ń sọ fún mi, pé o rọra yà á díẹ̀díẹ̀ kó má bàa dùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ tó rọ̀ báyẹn ló mú ọkàn mi, kì í ṣòní, kì í ṣàná.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ilé dá wáí. Ife rẹ tí etí rẹ̀ kán ṣì wà lórí pẹpẹ. Mo fọ̀ ọ́ lánàá, mo nù ún, mo dá a padà síbi tí o máa ń gbé e sí, ní apá òsì, níbi tí ọwọ́ rẹ ti lè bà á láìwò ó. Ìborùn búlúù tí o gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́? Òun ni mi ò jẹ́ fọ̀, nítorí òórùn ara rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́. Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀nà jíjìn yìí sú àwa méjèèjì, tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí ọ lórí fóònù, ìwọ tí mo ṣẹ̀ lo kọ́kọ́ pè padà. Mo ṣe bí ẹni pé kò tó nǹkan lọ́jọ́ náà. Ó tó nǹkan. Má bínú, olùfẹ́ mi. O ṣeun tí o kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ìjà yẹn.

Mo ti sanwó ọkọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, ọkọ̀ àárọ̀ ni mo máa wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lo sùn mọ́jú, má wá pàdé mi níbùdókọ̀ o, jọ̀ọ́. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ, kí o sùn dáadáa. Màá rọra wọlé, màá sì jókòó tì ọ́ títí o fi máa jí.

Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, pa pọ̀. Màá mú ìborùn rẹ dání.

Èmi ni,
Olólùfẹ́ rẹ