Àlàyé bí ẹ̀rọ mílíìn ilé búrẹ́dì wa ṣe fọ́ ọwọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́

Ilọrin, 17 Máàṣì 2025

Alhaji, ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Máníjà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ló ń bá mi tẹ èyí torí ọwọ́ ọ̀tún mi ò tíì ṣe é lò. Mo ti sọ ọ́ fún sùpáfáísọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kó wà nínú ìwé, òfin fún òṣìṣẹ́ tó ṣèṣe ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí, ó sì fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, létí, ọ̀la ni ọjọ́ 7 yẹn pé.

Túsìdeé 11 Máàṣì, aago mẹ́ta àbọ̀ òru kọjá díẹ̀, èmi ni mo wà nídìí mílíìn. Fúláwà tí a pò lẹ̀ mọ́ rólà, mo fi ọwọ́ tì í, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn ò fún wa ní igi tí a lè fi tì í. Ó bá fa ọwọ́ mi wọlé. Mo pariwo, súìtì wà lára ògiri lódìkejì, ọwọ́ mi ò tó o, ẹni tó ń gé búrẹ́dì ló sáré lọ pa á, nígbà tí wọ́n máa fi yí rólà padà ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti fọ́.

Irin tó yẹ kó dí ẹnu rólà, wọ́n ti tú u láti Jánúárì nígbà tí wọ́n ń ṣe bẹ́árìn, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé tó ń dípẹtà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún sùpáfáísọ̀, ó ní tí ọjà ààwẹ̀ bá rọlẹ̀ díẹ̀ àwọn á dè é. N ò sọ ọ́ kó lè bọ́ sí wàhálà, bó ṣe rí ni. Wọ́n ní ẹnì kan ń sọ pé ààwẹ̀ ló rẹ̀ mí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, sààrì gan-an ò tíì tó, mo ti jẹun láago méjìlá, òògbé kankan ò kùn mí.

Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé mi dé ọsibítù. Egungun ìka méjèèjì ṣẹ́, wọ́n rán mi lójú 9, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì, nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n gé orí ìka àárín torí ó ti kú. Dókítà ní kí n má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Mo ti ná 94,700 náírà, 15,000 ni mo gbà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣeun, gbogbo rìsíìtì àti ìwé dókítà wà pẹ̀lú èyí. 13,000 náírà ni mò ń gbà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá n ò gba nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù NSITF náà kó tó di ọ̀la. Owó tí òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá, ìdá 1 nínú 100 owó iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san án, kì í ṣe pé mo fẹ́ gba nǹkan lápò yín.

Ọmọ tí ẹ fi rọ́pò mi nídìí mílíìn, ọwọ́ lòun náà ṣì ń fi tì í. Ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, ẹ ní kí wọ́n de irin yẹn padà kó tó wọṣẹ́ lálẹ́ òní.

Èmi òṣìṣẹ́ yín, ṣíìfù alẹ́, ìdí mílíìn.