Ìròyìn Ìwádìí Àyíká Ní Ṣókí: Fífẹ̀ Títì àti Kíkọ́ Kọ́fáàtì Tuntun Lórí Odò Sokori, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin baálẹ̀, ìyálọ́jà, aláró àti gbogbo onílé etí odò,

Títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ gùn tó kìlómítà 1.8. Mítà 7 ni ìbú rẹ̀ báyìí, yóò di 14. Kọ́fáàtì oníhò mẹ́ta yóò rọ́pò èyí tí ìdọ̀tí ti dí. Oṣù 14 ni iṣẹ́ náà. Ilé 11 àti ìsọ̀ 26 ló kàn. Wọn kò gbọdọ̀ wó ọ̀kankan kí owó tó dé ọwọ́ onílé, ayálégbé àti onísọ̀.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni àpáta. Orí òkúta nilé wa jókòó lé. Bí wọ́n bá yin dáyìnámáìtì, inú àpáta ni ìmìtìtì rẹ̀ ń gbà rìn, ilé alámọ̀ tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú ló sì kọ́kọ́ ń là. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí yíyin àpáta níbi tí kò tó mítà 100 sí ilé. Ẹ̀rọ tó ń gún àpáta fọ́ ni wọn yóò lò. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré: aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ ni, kò sí ti ọjọ́ Àìkú, yóò sì dákẹ́ lásìkò ìrun Jímọ̀.

Wọn yóò kọ́kọ́ ya fọ́tò ògiri gbogbo. Ibi tó bá ti là tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fàlà sí ìparí rẹ̀, kí wọ́n kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà náà, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ síwèé tí kò ní fọ́tò ilé yín nínú.

Kànga 19 wà nítòsí. Bí àpáta abẹ́ rẹ̀ bá là, omi lè sá lọ, tàbí kí omi ṣáláńgá gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọn yóò máa fi okùn wọn omi. Èyí tó bá gbẹ, kọngílá gbọ́dọ̀ gbé táńkì omi wá lọ́jọ́ kejì.

Kí wọ́n tó kọ́ kọ́fáàtì, àpò iyanrìn ni wọn yóò fi sé odò, tí omi yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ kan. Bí òjò bá bá àpò náà níbẹ̀, inú ilé lomi yóò yà sí. Oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kejì nìkan ni wọ́n lè ṣe é. Bí àsìkò bá ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde kò gbọdọ̀ sùn létí odò, torí òjò kan ṣoṣo ni yóò dá a padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni wọn yóò bu omi rin erùpẹ̀. Ìyẹn kò tó fún àdìrẹ tútù: eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣí bọ̀rọ̀. Kọngílá ni yóò sanwó ibi tuntun tí ẹ ó máa sá aṣọ sí.

Ìwé kíkún wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta àti lọ́dọ̀ baálẹ̀, fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó sọ tẹnu rẹ̀ fún akọ̀wé, kí wọ́n kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka.