Ètò Ẹ̀kọ́ Ìṣirò fún Pírámárì Kẹta: Ìdajì, Ìdámẹ́rin àti Ìdámẹ́jọ

Ibi: Kíláàsì Sátidé àwọn ọmọ Yorùbá, Kúbwà, Àbújá
Ọjọ́ àti àkókò: Sátidé, 18 Oṣù Kẹwàá 2025, 9:00 sí 9:50 àárọ̀
Akẹ́kọ̀ọ́: 24, ọmọ ọdún 7 sí 9, ẹgbẹ́ 6 tí ọmọ 4 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan
Olùkọ́: Èmi àti Àǹtí tó ń ràn mí lọ́wọ́

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Wọ́n lè pín nǹkan 24 dọ́gba fún ènìyàn 2, 4 tàbí 8. Wọ́n lè fi rúlà wọn nǹkan ní sẹ̀ǹtímítà. Ìdajì kì í ṣe tuntun sí wọn, àmọ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn, nǹkan tó bá ti já sí méjì ti di ìdajì méjì, bí apá kan tilẹ̀ tóbi ju èkejì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ òní ti bẹ̀rẹ̀.

Èròǹgbà

Nígbà tí ìṣẹ́jú 50 bá pé, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò lè:

1. ṣẹ́ ọ̀já bébà po sí ọ̀nà 2, 4 àti 8 tó dọ́gba láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kí ó sì fi rúlà wọn apá kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan;
2. fàmì sí àwòrán tó fi 1/2, 1/4 tàbí 1/8 hàn lóòótọ́, kí ó sì fagi lé èyí tí kò dọ́gba, kí ó gba ó kéré tán 5 nínú 6;
3. kọ ìdá tí a kùn nínú àwòrán 5, kí ó gba ó kéré tán 4;
4. to 1/8, 1/2 àti 1/4 láti kékeré sí ńlá, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Mi ò kọ "yóò mọ ìdá" tàbí "ìdá yóò yé e" síbí. Kò sí rúlà tí a lè fi wọn òye nínú orí ọmọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àti ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ la lè rí, òun náà la ó sì fún ní máàkì. Ẹ̀kọ́ náà yọrí bí ọmọ 18, ìyẹn 3/4 kíláàsì, bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun èlò

Gúráásà róbótó 2 tí wọ́n tóbi bákan náà, ọ̀bẹ kan, ọwọ́ olùkọ́ nìkan ni kó wà, rúlà, kéréyọ́nù, ọ̀já bébà 72, mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 24 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 4. Bébà A4 kan á fúnni ní ọ̀já 5, nítorí náà 15 tó. Bébà tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀ dára tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gígùn náà yí padà o: 24 ni yóò jẹ́ kí ìdajì bọ́ sí 12, ìdámẹ́rin sí 6, ìdámẹ́jọ sí 3, tí ọmọ kankan kò fi ní bá nọ́ńbà tí kì í ṣe odindi pàdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ (ìṣẹ́jú 5)

Kí gbogbo wọn fọwọ́. Mo gé gúráásà kìíní sí mẹ́rin tó dọ́gba. Mo gé èkejì sí mẹ́rin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan tóbi gan-an, kí ọ̀kan sì dà bí èérún. Mo pe ọmọ mẹ́rin wá síwájú èkejì yìí: "Ta ló fẹ́ mú èwo?" Ariwo máa sọ, ẹ jẹ́ kó sọ. Lẹ́yìn náà mo béèrè pé: "Ṣé ìdámẹ́rin ni gbogbo rẹ̀?" A ò ní dáhùn fún wọn. A ó dúró títí ọmọ kan yóò fi sọ pé kò dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣíṣẹ́ bébà (ìṣẹ́jú 10)

Wọ́n ṣẹ́ ọ̀já kìíní po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tú u, wọ́n kà á, wọ́n wọ̀n ọ́n: apá 2, 12 sẹ̀ǹtímítà. Èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì: apá 4, sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ̀kẹta, kí wọ́n sọ iye apá tí wọ́n rò pé yóò wà níbẹ̀, kí Àǹtí kọ gbogbo rẹ̀ sí pátákó. 6 ni ọ̀pọ̀ yóò sọ, torí 2, 4, 6 ló ń dún ní etí wọn. Wọn yóò tú u, wọn yóò bá 8. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Bí a bá rí ọmọ tó sọ pé apá kọ̀ọ̀kan ló tún pín sí méjì, kó wá fi tirẹ̀ hàn níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: kíkọ ìdá (ìṣẹ́jú 10)

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni iye apá tó dọ́gba nínú odindi. Nọ́ńbà òkè ni iye tí a mú. Wọ́n kùn apá 1 lórí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ 1/2, 1/4, 1/8. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún kùn 2 sí i lórí ọ̀já ẹlẹ́ẹ̀kejì: 3/4, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ tó bá sọ "rábì" tàbí "kwátà" bó ṣe ń gbọ́ ọ ní àdúgbò kò jẹ̀bi. Ohun tó bá kọ la ó wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èwo ló tóbi jù? (ìṣẹ́jú 15)

Ibí ni kí a ti lo àkókò jù. Kí ọwọ́ kọ́kọ́ gbé fún èyí tó tóbi jù nínú 1/2, 1/4 àti 1/8. 1/8 yóò rí olùfẹ́ púpọ̀, nítorí 8 ju 4 lọ. Mi ò ní sọ pé wọ́n ṣì í. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan to ọ̀já mẹ́ta sórí ara wọn, kí etí òsì bá ara mu, kí wọ́n wo apá kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 12, 6, 3. Ìgbà yẹn la ó wá béèrè pé: "Bí ènìyàn 8 bá jókòó ti gúráásà kan, ṣé tìrẹ yóò pọ̀ ju ìgbà tí ẹ jẹ́ 4 lọ ni?"

Bí ọmọ kan bá sọ pé ìdámẹ́rin gúráásà ńlá lè ju ìdajì másà lọ, ẹ yìn ín, òótọ́ ló sọ. Kí a fi yé gbogbo wọn pé odindi kan náà ni à ń pín lónìí.

Mo gbọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta, Àǹtí gbọ́ mẹ́ta, a sì ń fàmì sí ìwé orúkọ fún èròǹgbà 1 àti ìdí tó wà nínú 4. "Torí pé ó tóbi" kì í ṣe ìdí. "Torí pé bí apá bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i" ni ìdí, bó ti wù kí ọmọ náà gbé e kalẹ̀.

Ẹni tó bá tètè parí, kí ó sọ iye apá tí ṣíṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yóò fúnni (16) kí ó tó ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó ń lọ́ra, kí ó dúró sí 2 àti 4 títí yóò fi dá a lójú.

Ìgbélewọ̀n (ìṣẹ́jú 8)

Ìbéèrè 1 (èròǹgbà 2): Àwòrán onígun mẹ́rin 6, apá kan ni a kùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin pín dọ́gba, méjì kò dọ́gba. Fàmì sí èyí tó tọ́. Fagi lé èyí tí kò tọ́.

Ìbéèrè 2 (èròǹgbà 3): Kọ ìdá tí a kùn. Ìdáhùn: 1/2, 1/4, 3/4, 1/8, 5/8.

Ìbéèrè 3 (èròǹgbà 4): To 1/8, 1/2, 1/4 láti kékeré sí ńlá. Ìdáhùn: 1/8, 1/4, 1/2.

Ìparí àti iṣẹ́ àṣetiléwá (ìṣẹ́jú 2)

Wọ́n lẹ ọ̀já wọn mọ́ ìwé. Iṣẹ́ ilé: "Màmá gé búrẹ́dì kan sí ọ̀nà 8 tó dọ́gba. Àìná jẹ 3. Ìdá wo ló jẹ? Ìdá wo ló kù? Ya á." Kí wọ́n má ra nǹkan kan nítorí rẹ̀. (3/8, 5/8.)

Sátidé tó ń bọ̀

Bí ọmọ 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yege, a ó lo àwọn ọ̀já yìí kan náà láti fi hàn pé 2/4 àti 1/2 bá ara wọn dọ́gba. Bí wọn kò bá tó 18, ẹ wo ìbéèrè tó gbé wọn ṣubú kí ẹ tó gbèrò ohunkóhun: bó bá jẹ́ ìbéèrè 3, ìgbésẹ̀ kẹta nìkan la ó tún ṣe.