Kí Ló Fòpin sí Òwò Ẹrú Orí Òkun Àtìláńtíìkì? Àríyànjiyàn Àwọn Òpìtàn

Ìbéèrè: Jíròrò lórí bí ẹnu àwọn òpìtàn kò ṣe kò lórí ìdí tí òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíìkì fi dópin. Àlàyé ta ló tẹ́ ọ lọ́rùn jù?

Bí a bá yẹ ìbéèrè yìí wò dáadáa, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ta ló mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà ní 1807? Kí ló mú kí ọkọ̀ ẹrú ṣíwọ́ lílọ sí Bùràsíìlì lẹ́yìn 1850, àti sí Kúbà ní nǹkan bí 1867? Kí ló sì mú kí àwọn tó ń kó ẹrú lọ sí etíkun nílẹ̀ wa níbí jáwọ́? Ohun tó fa púpọ̀ nínú awuyewuye yìí ni pé ìbéèrè tí òpìtàn kan ń dáhùn kọ́ ni èkejì rẹ̀ ń dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọdún tí òpìtàn bá pè ní òpin ló máa ń yan ìdí fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìtàn náà wà lára àwọn tó ja ìjà náà. Thomas Clarkson tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1808, inú òfin náà ò tíì tutù. Ó ya àwòrán odò sínú rẹ̀: ó kọ orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò ẹrú sára àwọn odò kéékèèké, gbogbo wọn sì ń ṣàn pọ̀ títí wọ́n fi di odò ńlá. Àwòrán yẹn ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwà rere ló ṣàn títí ó fi borí. Reginald Coupland, tó ń kọ́ni ní Ọ́kísífọ́ọ̀dù, mú ọ̀rọ̀ náà láti ibẹ̀ ní 1923 àti 1933, ó fi William Wilberforce, aṣòfin tó ṣáájú ìjà náà nílé ìgbìmọ̀, ṣe akọni, ó sì fi ẹ̀rí ọkàn àwọn onígbàgbọ́ ṣe agbára tó ṣẹ́gun. Ohun tí n kò lè gbójú fò dá nínú ìtàn báyìí ni pé ó sọ ẹni tí wọ́n tà di ẹni tó kàn jókòó tó ń retí olùgbàlà. Olaudah Equiano, tó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1789 tó sì gbé e kiri Bírítéènì láti ìlú dé ìlú, àti Ottobah Cugoano, tó kọ ìwé tirẹ̀ lòdì sí òwò ẹrú ní 1787, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ṣẹrú rí, kò rí àyè gidi nínú rẹ̀.

Eric Williams, ọmọ Tirinídáàdì tó di olórí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ló da ìtàn yìí rú. Ìwé àpilẹ̀kọ tó kọ ní Ọ́kísífọ́ọ̀dù gan-an ní 1938 ló sọ di ìwé ní 1944. Àlàyé rẹ̀ ni pé owó ẹrú àti ti ìrèké wà lára ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ wá dàgbà tán, àwọn erékùṣù oníṣúgà di ẹrù sí i lọ́rùn. Amẹ́ríkà ti gba òmìnira, ṣúgà ti pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ ní 1807, òfin tó ń dáàbò bo àwọn olóko ìrèké sì ń dí àwọn oníṣòwò tuntun lọ́wọ́. Lójú Williams, ìgbà tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́ ni etí àwọn aṣòfin là sí ìwàásù.

Àwọn tó ń ta kò ó sábà máa ń kà á bí ẹni pé ó ní ìwà rere kò ní ipa kankan. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ tó jà, ó sì ya òmíràn sọ́tọ̀ fún àwọn ẹrú fúnra wọn, níbi tó ti sọ pé ní 1833, ọdún tí ilé aṣòfin fòfin de ẹrú níní fúnra rẹ̀, bí òmìnira kò bá wá láti òkè, yóò wá láti ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba máàkì lórí Williams, kó ka orí méjèèjì yẹn kó tó bá a wíjọ́.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkọlù gidi dé. Roger Anstey fi hàn ní 1975 pé ọgbọ́n òṣèlú làwọn alátakò òwò ẹrú lò. Ní 1806, nígbà tí ogun ń lọ pẹ̀lú Faransé, wọ́n gbé òfin kan kalẹ̀ tó ní kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì má ṣe kó ẹrú fún àwọn àjòjì mọ́. Wọ́n ní ọ̀tá làwọn ń gbógun tì, bẹ́ẹ̀ apá ńlá nínú òwò ẹrú ni wọ́n ń gé kúrò. Ní 1977 ni Seymour Drescher tú àkọsílẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù yẹ̀ wò. Ó ní àwọn erékùṣù yẹn kò rẹ̀yìn rárá kí ọdún 1807 tó dé. Ìpín wọn nínú òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ń ga sí i, pàápàá lẹ́yìn tí oko ìrèké Háítì ti jóná. Lójú Drescher, ọwọ́ ara ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gé ẹ̀ka tí wọ́n jókòó lé. David Eltis kín in lẹ́yìn ní 1987: ká ní wọ́n jẹ́ kó máa lọ ni, òwò náà ì bá tún gbèrú sí i.

Ta ló wá gé ẹ̀ka náà? Drescher ní àwọn mẹ̀kúnnù ni. Ní 1788, ó lé ní 10,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ní Mansẹ́sítà, ìlú tó ń fi òwú àti aṣọ jẹun. Ní 1792, ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wọ ilé aṣòfin jẹ́ 519. Ẹ̀rí yìí lágbára, n kò rí ẹni tó lè bì í ṣubú. Selwyn Carrington gbìyànjú ní 2002 láti gbèjà Williams, ó ní ogun òmìnira Amẹ́ríkà ti ba àwọn olóko ìrèké jẹ́ tipẹ́. Ó dá mi lójú pé ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí olóko jẹ gbèsè kò ní kí òwò orílẹ̀-èdè má gbèrú.

Síbẹ̀ Drescher kò dáhùn ohun kan: kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn? Ẹ̀sìn Kírísítì ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ ẹrú sì ń lọ, ó ń bọ̀. David Brion Davis dáhùn ní 1975 pé àwọn olówó tuntun nílò ìwà mímọ́ kan tí kò ní kan ilé-iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n bá bú pàṣán tó wà ní Jàmáíkà, kò sẹ́ni tí yóò wo ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìrànwú. Christopher Leslie Brown gba ibòmíràn wọlé ní 2006. Ó ní pípàdánù Amẹ́ríkà ló kó ìtìjú bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè irú orílẹ̀-èdè tí àwọn jẹ́, bíbá òwò ẹrú jà sì di ọ̀nà láti tún orúkọ ara wọn ṣe. Nínú gbogbo àlàyé lórí 1807, ti Brown ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí ó sọ ìdí tó fi jẹ́ ìgbà yẹn láì fi ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ṣeré.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní Lọ́ńdọ́nù kọ́ ni ká máa wò. C. L. R. James ti fi Háítì hàn wá láti 1938: láti 1791 sí 1804, àwọn ẹrú fọwọ́ ara wọn já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun ọmọ ogun Napoléon. Hilary Beckles àti Richard Hart tẹ̀lé ipa ọ̀nà yìí fún Bàbádọ́ọ̀sì àti Jàmáíkà. Àlàyé wọn lágbára lórí 1833, nígbà tí ọ̀tẹ̀ tí Samuel Sharpe darí ní Jàmáíkà ṣì ń dẹ́rù ba àwọn aṣòfin. Lórí 1807, kò fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀.

Gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ yìí ń jà lé òfin tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ́nù lórí. Kí ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ wá wo ọ̀rọ̀ láti ibi tí a wà. Ní 1821, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn òfin yẹn, ogun kó Òṣoògùn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi okùn sọ́rùn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, àwọn Potogí rà á, oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àìmọye àwọn tí wọ́n kó nígbà yẹn ni kò rí ọkọ̀ ogun kankan.

Ní tiwa, lẹ́yìn 1807 ni òwò náà tó le. Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, ogun Òwu, títú tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, gbogbo rẹ̀ ló ń da èèyàn sọ́jà. Àwọn tó sá àsálà rọ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn tẹ̀ lé Àtìbà wá sí Àgọ́-d'Ọ̀yọ́. Àwọn tí ọwọ́ bà di ẹni tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n sì di Lùkùmí ní Kúbà. Láàárín 1801 sí 1866, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn tí wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá àtààbọ̀ tí wọ́n kó lápapọ̀. Bí òpìtàn bá wá pe 1807 ní òpin, òpin ta ni?

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí 1850 àti 1851 fi yẹ kó gba ààyè ju bí àwọn ìwé kan ṣe fún un lọ. Leslie Bethell ní 1970 fi hàn pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ èbúté Bùràsíìlì lọ mú ọkọ̀ ẹrú ló sún ìjọba ibẹ̀ dé ògiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ João José Reis lórí ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, ṣe ní Bàhíà ní 1835 jẹ́ ká rí ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn olówó ẹrú níbẹ̀. Èmi gbà pé ọkọ̀ ogun ló ti ilẹ̀kùn, àmọ́ àwọn ọmọ wa ló ti kọ́kọ́ mú kí àwọn onílé máa wò ó pé ó dára kó tì.

Ní 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, Akítóyè sì tọwọ́ bọ̀wé ní 1852 pé òwò ẹrú ti parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àánú ló gbé àwọn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí kọ̀ jálẹ̀ nínú àtúpalẹ̀ tó ṣe ní 1961: ìfẹ́ láti gba òwò Èkó, àti láti ti ibẹ̀ wọ ilẹ̀ títí dé Ọya, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àánú náà. Kenneth Dike ti fi hàn ṣáájú, ní 1956, pé ní Dẹ́lítà Ọya epo pupa àti ẹrú jọ ń gba èbúté kan náà jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. A. G. Hopkins ní 1973 ní epo pupa da agbára àwọn jagunjagun rú, nítorí tálákà pẹ̀lú lè ta á. Robin Law àti àwọn tó bá a kọ ìwé ní 1995 ní kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Bí mo bá ní láti yan ẹnì kan, mo yan Brown fún 1807, Adé Àjàyí fún 1851, mo sì fi Williams sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ gbogbo wọn láti béèrè ẹni tó jèrè. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ohun tí Kristin Mann tọ́ka sí nínú ìwé rẹ̀ lórí Èkó ní 2007: epo tó rọ́pò ẹrú ń fẹ́ ẹni tí yóò kó èyìn, tí yóò gún un, tí yóò ru ú dé omi. Ẹrú ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Àwọn tí wọn kò lè tà sí òkun mọ́ ni wọ́n ń fi sílé.