Ìbéèrè fún Àfikún Àkókò láti Fi Ìwé Àwíjàre Sílẹ̀

Kóòtù Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó
Ẹ̀ka Ìdájọ́ ti Èkó
Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta ọdún 2025

Ẹjọ́ lórí ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀-Èkó, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní 16 oṣù Kejìlá ọdún 2024

Ẹ̀yin Adájọ́ Ọlọ́lá,

Èmi ni olùjẹ́jọ́. Àwọn olùpẹjọ́ ní tiwọn nìkan ni ilé náà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí kóòtù fún mi ní ọjọ́ 21 sí i, títí di Ọjọ́bọ̀ 27 oṣù Kẹta, kí n lè fi ìwé àwíjàre mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí mi. Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má tíì dá àwọn olùpẹjọ́ láre nítorí pé mi ò tíì fèsì.

Bélífì fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé mi lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 oṣù Kìíní. Ọjọ́ 42 ni ìwé náà fún mi, ó sì pé ní 25 oṣù Kejì. Mo ti fi ọjọ́ 9 pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀bi tèmi ni. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mo sì ń lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n bá wa parí ẹ̀ nílé. Kò ṣeé ṣe. Ní 22 oṣù Kìíní mo kó ìwé lọ bá lọ́yà kan ní Súrùlérè, mo sì sanwó fún un. Ní 12 oṣù Kejì ó pè mí pé òun rí i nínú fáìlì òun pé òun ti kọ ìwé àdéhùn fún ọ̀kan lára àwọn olùpẹjọ́ rí, òun ò sì lè dúró fún tọ̀tún tòsì. Ohun tó tọ́ ló ṣe, mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Lọ́yà tó wà lẹ́yìn mi báyìí gba ìwé náà ní 14 oṣù Kejì.

Èyí tó dá wa dúró jù ni ẹ̀rí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mìíràn, tí kì í ṣe bàbá àwọn olùpẹjọ́, ní Abẹ́òkúta ni rìsíìtì tí bàbá wa fi ra ilé náà ní 1958 wà, pẹ̀lú ìwé tí a ń kọ owó ilé sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 3 oṣù Kejì. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Ó kúrò ní ọsibítù ní 1 oṣù Kẹta. Ìwé dókítà ni mo so mọ́ èyí. Mo tún ti sanwó ní 18 oṣù Kejì fún ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ náà tí ìjọba fòǹtẹ̀ lù, ní Aláùsá; wọ́n ní kí n wá gbà á ní 13 oṣù Kẹta. Rìsíìtì rẹ̀ wà níbí.

Mi ò wá fi àkókò ṣòfò. Ìyàwó méjì ni bàbá wa ní, ó sì kú ní 1987 láìkọ ìwé ìhágún. Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́, ẹbí jókòó, wọ́n ní ìdí-igi la ó fi pín in. Láti ìgbà náà títí di 2022, ìdajì owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyáálé, ìdajì ń bọ̀ sọ́dọ̀ àwa ọmọ ìyàwó kejì. Bàbá àwọn olùpẹjọ́ gan-an ló ń fọwọ́ sí ìwé owó náà. Bí ilé bá jẹ́ tiwọn nìkan, kí ló dé tí bàbá wọn ń fọwọ́ sí i pé ìdajì ni òun gbà? Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, yàrá méjì òkè ni mo ń gbé, wọ́n sì ní kí n kó jáde. Ó wù mí kí ẹ fi ojú yín rí ìwé yẹn kí ẹ tó dájọ́.

Bí a ó ṣe lo ọjọ́ tí a bá rí gbà nìyí. Ní 13 oṣù Kẹta, mo gba ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ní Aláùsá. Ní 17, èmi àti lọ́yà mi yóò wọ rélùwéè láti Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta lọ sí Abẹ́òkúta, kí a gba ìwé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kí a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti lè gbé e. Bí kò bá lè gbé e, ìyàwó rẹ̀ tó mọ ìfọwọ́sí inú ìwé owó náà yóò jẹ́rìí. Ní 24, wọ́n á ka àwíjàre náà sí mi létí ní Yorùbá, kí n tó fọwọ́ sí i. Ní 27, a fi sílẹ̀ ní kóòtù, a sì fún lọ́yà àwọn olùpẹjọ́ ní tiwọn lọ́jọ́ kan náà, kí ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀ má baà dá ohunkóhun dúró.

Ọjọ́ tí kóòtù ti dá, 15 oṣù Kẹrin, kò ní yẹ̀. Àwọn olùpẹjọ́ ṣì wà nínú ilé, wọ́n ṣì ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, mo sì ṣèlérí pé mi ò ní tà, mi ò ní wó, mi ò ní kọ́ ohunkóhun síbẹ̀. Owó ìpẹ́ tí ìlànà kóòtù bá bù lé ọjọ́ wọ̀nyí, màá san án. Bí 27 bá kọjá láìfi ìwé sílẹ̀, mi ò ní padà wá bẹ̀bẹ̀ lórí ìdí kan náà. Abala 36 ìwé òfin 1999 ni mo dì mú, pé kí a gbọ́ tẹnu mi kí ẹjọ́ tó parí.

Mo búra pé òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí lọ́yà mi ṣe, wà lẹ́yìn rẹ̀.

Alhaja Músílímátù Àdùkẹ́
Olùjẹ́jọ́

Ẹ̀dà kan fún lọ́yà àwọn olùpẹjọ́.