Kí A Tó Fọwọ́ sí Ìwakùsà Wúrà Lókè Odò

Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa wúrà lókè odò yìí ń tọrọ ìwé àṣẹ ọdún 12. Mi ò lòdì sí ìwakùsà, àmọ́ ohun tí mo rí nínú ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ni mo fi ní kí ìjọba má tíì fọwọ́ sí i.

Òkúta tó ní irin àti sọ́fúrù pọ̀ nínú èyí tí wọ́n gbẹ́ jáde láti yẹ̀ wò. Bó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí wọ́n bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tí atẹ́gùn àti òjò kàn án, ásíìdì ni yóò máa mú jáde, ásíìdì náà yóò sì máa tú kọ́pà àti àsẹ́níìkì sínú omi. Ẹ wo kòtò ìdánwò tí wọ́n fi sílẹ̀: omi inú rẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dípẹtà, ó sì ti fi èèpá pupa sára òkúta etí rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè máa ṣàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí àwọn awakùsà bá ti lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí ẹ̀rí pé ewu wà. Báwo ni ẹ̀rí yóò ṣe wà, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n bu omi odò yẹ̀ wò? Ìlànà kẹẹ̀ẹ́dógún nínú Ìpolongo Ríò, tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí nípa àyíká ní ọdún 1992, sọ pé níbi tí ìbàjẹ́ ńlá tàbí èyí tí kò ṣeé tún ṣe bá ti ń halẹ̀, àìdánilójú kò gbọdọ̀ jẹ́ àwíjàre fún ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la lórí ààbò. Ọrùn ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ni ẹrù ìmúdánilójú wà. Ní Brumadinho ní Bràsíl, àwọn ayẹ̀wò ti jẹ́rìí pé ògiri tí wọ́n fi sé ẹrẹ̀ ìwakùsà mọ́ níbẹ̀ dúró ṣinṣin. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ó wó, ènìyàn 270 sì kú.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìlànà kẹrìndínlógún nínú Ìpolongo Ríò náà sọ pé ẹni tó bàyíká jẹ́ ni kó sanwó rẹ̀. Àmọ́ ta ni a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kógbá wọlé? Ní Summitville ní Kọlorádò, ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wa wúrà jẹ gbèsè, ó sì fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1992. Owó tó ju mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ ni ará ìlú fi tún un ṣe. Àwọn tiwa ń ṣèlérí pé láti inú èrè ọdún karùn-ún lọ ni àwọn yóò ti máa fi owó pamọ́. Kò tó. Kí wọ́n kó owó ìdógò lélẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ òkúta kankan, níbi tí ọwọ́ wọn àti ti ìjọba kò ti ní tó o, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé àjèjì ni a ó gbà láti ṣe ìtúnṣe náà.

Àwọn ọ̀dọ́ nílò iṣẹ́, mo mọ̀, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ìwakùsà yìí kò bá lè san owó ìmọ́tótó ara rẹ̀, àpò àwọn tó ń mu omi odò ni èrè rẹ̀ ti ń wá. Òjò yóò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Kí wọ́n padà lọ bu omi náà nígbà náà, kí wọ́n máa bù ú títí ọdún yóò fi yí po, kí àbájáde rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn ará etí odò lọ́jọ́ kan náà tó bá dé ọ́fíìsì ìjọba.