ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ: JẸNẸRÉTỌ̀ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ

Òkun o, gbogbo ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà ọ̀rọ̀ iná NẸ́PÀ ní Ẹ̀gbẹ̀ wa yìí. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn:

ÈÉFÍN JẸNẸRÉTỌ̀ Ń PANI. Ẹ MÁ TAN JẸNẸRÉTỌ̀ NÍNÚ YÀRÁ, NÍNÚ PÁSÉÈJÌ, NÍNÚ KÍṢÌNNÌ TÀBÍ NÍ FÀRÁŃDÀ. ÌBÁÀ ṢE ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN. ÒJÒ ÌBÁÀ MÁA RỌ̀. FÈRÈSÉ ÌBÁÀ ṢÍ SÍLẸ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń gba yàrá. Bí lọ́yà ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ayálégbé kankan, àlejò rẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ amúnáwá èyíkéyìí sí abẹ́ òrùlé ilé tí a dárúkọ lókè yìí, tàbí kí ó tàn án níbẹ̀; ewu yòówù tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, ọrùn ayálégbé náà ni yóò wà." Òfin náà dúró digbí, mi ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú ewé tí owó ilé wà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà dáadáa (bí èmi náà bá ń gba ilé, ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ ṣí), nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ará ilé ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èéfín dúdú tí ẹ ń fi ojú rí yẹn kọ́ ni ògbólógbòó apani. Bí pẹtiróòlù bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ kan máa ń bá èéfín jáde tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í ta ọ̀fun. Ẹni tó bá fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dì í mú ju bó ṣe ń di ọ́síjìn mú lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Àyè tó yẹ kí ọ́síjìn wà, òun á ti gbà á. Ọpọlọ àti ọkàn á wá máa wá ohun tí wọn ò rí. Ẹni tó bá ti sùn ni tirẹ̀ burú jù, torí kò sí ikọ́ tàbí òórùn kankan tí yóò jí i.

Ẹ wá wo páséèjì wa. Yàrá mẹ́fà kọjú síra wọn, ògiri kò sì kan páànù níbì kankan. Lókè sílíǹ, àyè kan náà ni gbogbo wa jọ ní. Bí ẹni tó wà ní yàrá kìíní bá din ẹja, ẹni yàrá kẹfà á gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yẹn náà ṣe máa rìn nìyẹn, àfi pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ òórùn tirẹ̀. Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè máa wo bọ́ọ̀lù lọ, kí ọmọ ẹlòmíràn tí kò ní jẹnẹrétọ̀ rárá má jí ní òpin páséèjì. Ìdí nìyẹn tí "ara mi ni mo fi wewu" kò fi ní wọlé sí mi létí.

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé: olè àti òjò. Kò sì dáa kéèyàn ṣòfin kó má wá ọ̀nà àbáyọ. A ti ní kí wẹ́dà ṣe ilé onírin kan sí ẹ̀yìn, níbi ògiri tó kángun sí oko àgbàdo. Ó ní páànù lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a sì fi kọnkéré mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí oníkálukú fi ṣéènì àti àgádágodo tirẹ̀ de jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ irin náà, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì kọjú sí oko, kì í ṣe sí fèrèsé wa. Láti ibẹ̀ dé fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ má ṣe wọ́ ọ sún mọ́ ilé torí pé wáyà yín kúrú. Wáyà ni kí ẹ fi kún.

Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, tí ara sì rọ wọ̀ọ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ má sọ pé ibà ni. Pàápàá bí ó bá ń ṣe ẹni méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé kan, tí ara wọn sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá bọ́ síta. Ẹ JÁDE LẸ́SẸ̀KẸSẸ̀. Ẹ gbé ẹni tí kò lè dìde bọ́ síta gbangba, ẹni tó wọlé lọ gbé e kò sì gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ẸKÍWÀ, kódà bí ó bá ti lajú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, torí ọ́síjìn ni wọ́n máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó máa rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan náà wà, kì í ṣe inú ikùn. Epo sì lè pa ẹni tí kò mọra lórí.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń jáde lára èédú. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù òkè wọ̀nyí bá dé, ẹ má gbé sítóòfù eléèédú wọ yàrá sùn.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó da pẹtiróòlù sí i. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá. Ẹ má sì ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri: iná náà lè gba orí òpó padà, kó pa òṣìṣẹ́ NẸ́PÀ tó rò pé kò sí iná.

Ẹni tí a bá rí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, a ó pa jẹnẹrétọ̀ náà, a ó gbé e síta lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe àárín eré bọ́ọ̀lù. Bó bá tún ṣe é, a ó fún un ní ìwé kó-kúrò-nílé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe wí. Ìwé yẹn kan náà sọ pé onílé kò ní jẹ̀bi bí ewu bá ṣẹlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ rí ọjọ́ tí n ó fi í gbèjà ara mi.

Ẹni tí kò bá ní ṣéènì, kí ó bá mi sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ìyẹn di ìjà. Ìyá tó wà ní yàrá kìíní ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ti gbà pé kí ẹ kan ilẹ̀kùn òun lákòókò yòówù bí òjò bá dé. Kí àgbà kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí kí Sátidé tó pé.

Èmi ni, onílé yín.